Ẹ̀kọ́ Kẹ́mísítìrì: Ohun tí Ń Jáde Lára Ọ̀pá Méjì Nínú Omi Iyọ̀

Ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jáde nínú ìwé ìdánrawò tí àwọn olùkọ́ kẹ́mísítìrì máa ń pín fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Yábàá, ní Sùúrùlérè àti ní Múṣin. Báyìí ni ó máa ń rí: a ki ọ̀pá dúdú méjì bọ inú omi tí a po iyọ̀ púpọ̀ sí, a sì so ọ̀pá méjèèjì mọ́ bátìrì; kí ni yóò jáde lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan? Kọ ìdọ́gba rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ìdánwò Wáẹ̀kì, ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952 tí ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ fún Nàìjíríà sì wà ní Yábàá, mọ irú ìbéèrè yìí dáadáa. Èsì tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ máa ń kọ ni pé, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé sódíọ́mù àti kílórínì ni a fi dá iyọ̀, sódíọ́mù yóò jáde ní apá kan, kílórínì yóò sì jáde ní apá kejì. Ìdajì èsì yìí tọ̀nà, ìdajì kejì kò tọ̀nà rárá, èmi kò sì rí ibòmíràn tí ọmọ ilé-ìwé ti ń sọ máàkì nù tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ orúkọ àwọn nǹkan náà. Ọ̀pá tí ó so mọ́ orí bátìrì tí a kọ àmì + sí ni à ń pè ní ánóòdù. Èyí tí ó so mọ́ ibi àmì − ni kátóòdù. Máíkẹ́ẹ̀lì Fárádè, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ni ó mú orúkọ wọ̀nyí wá sí gbangba ní ọdún 1834, òun náà ni ó sì pe àwọn ohun wínníwínní tí ń rin inú omi náà ní áyọ́nì. Áyọ́nì kò ju átọ́ọ̀mù tàbí ìdì átọ́ọ̀mù tí ó ru ẹrù iná lọ. Èyí tí ẹrù rẹ̀ jẹ́ + máa ń lọ sí kátóòdù, èyí tí ẹrù rẹ̀ jẹ́ − máa ń lọ sí ánóòdù, nítorí pé ẹrù tí kò jọra ni ó máa ń fa ara wọn.

Nígbà tí iyọ̀ bá yòrò, ó ń tú sí Na⁺ àti Cl⁻. Ibí yìí ni ọmọ tí ń kánjú ti máa ń dúró, tí yóò sì gbàgbé omi. Omi pàápàá ń tú díẹ̀díẹ̀ sí H⁺ àti OH⁻. Nítorí náà kì í ṣe àlejò méjì ni ó wà nínú ife náà bí kò ṣe mẹ́rin: Na⁺ àti H⁺ ni yóò dé ẹnu ọ̀nà kátóòdù, Cl⁻ àti OH⁻ ni yóò sì dé ẹnu ọ̀nà ánóòdù. Ẹni tí ó bá kọ orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kí ó tó ronú ohunkóhun mìíràn ti rìn ju ìdajì ọ̀nà lọ.

Ní kátóòdù, àwọn méjì ń jìjàdù láti gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nì, èyíinì ni wóró iná tí bátìrì ń tì jáde. H⁺ ni yóò gbà á. Sódíọ́mù kì í fẹ́ gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nì; ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ó máa jẹ́ Na⁺ kiri nínú omi. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà: bí a bá ju ègé sódíọ́mù sínú omi, yóò hó, yóò máa sáré kiri lórí omi, ó sì lè gbiná, kò sì ní dẹ́kun títí yóò fi padà di Na⁺. Ohun tí omi ń jẹ run bẹ́ẹ̀ kò lè jókòó jẹ́ẹ́ lára ọ̀pá nínú omi kan náà. Họ́mfírì Défì, ọ̀gá tí Fárádè ṣe ìránṣẹ́ fún, rí èyí ní ọdún 1807. Ó kọ́kọ́ fi iná bátìrì sínú pótáṣì tí a po mọ́ omi, èyí tí í ṣe ẹ̀yà omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, kò sì rí nǹkan kan bí kò ṣe háídírójìn àti ọ́síjìn, nítorí omi ni ó ń tú. Nígbà tí ó lo pótáṣì líle tí iná náà ń yọ́ fúnra rẹ̀ ni àwọn ìlẹ̀kẹ̀ irin dídán tó yọ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ pótásíọ́mù. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, ó rí sódíọ́mù lọ́nà kan náà. Nítorí náà, níbikíbi tí ìbéèrè bá ti sọ pé iyọ̀ náà wà nínú omi, sódíọ́mù kì í ṣe èsì; bí ìbéèrè bá sọ pé iyọ̀ yíyọ́ ni, láìsí omi, sódíọ́mù ni èsì. (Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti fi mákúrì ṣe kátóòdù láyé àtijọ́, mákúrì a sì gbé sódíọ́mù mì kí omi tó rí i, ṣùgbọ́n ọ̀pá dúdú ni ìbéèrè tiwa ń sọ.)

Ọ̀nà tí a ó gbà kọ ọ́ nìyí:

2H⁺ + 2e⁻ → H₂

Kí ni ìdí tí ó fi jẹ́ méjì? Nítorí pé háídírójìn kì í dá rìn. Méjìméjì ni ó ń so pọ̀. Níwọ̀n bí a ti ní H méjì lápá ọ̀tún, a gbọ́dọ̀ ní H⁺ méjì lápá òsì. Ẹrù wọn ní òsì jẹ́ +2, apá ọ̀tún kò sì ní ẹrù rárá; nítorí náà ẹ̀lẹ́kítírọ́nì méjì, tí ẹrù wọn jẹ́ −2, ni ó gbọ́dọ̀ wà ní òsì kí ó lè pa á rẹ́. Ohun méjì ni a ń kà nínú ìdọ́gba ọ̀pá: átọ́ọ̀mù àti ẹrù. Ọmọ tí ó ka átọ́ọ̀mù nìkan kò tíì ṣe tán.

Ní ánóòdù, ọ̀rọ̀ kò rí bákan náà. OH⁻ rọrùn díẹ̀ láti tú ju Cl⁻ lọ bí a bá wo ìwé ìtòlẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ tí ó lágbára kún fún Cl⁻ ju OH⁻ lọ lọ́nà tí a kò lè fi wéra. Yàtọ̀ sí èyí, ọ́síjìn máa ń lọ́ra láti jáde lára ọ̀pá dúdú. Nítorí náà Cl⁻ ni yóò jáde:

2Cl⁻ → Cl₂ + 2e⁻

Ẹ wò ó pé ẹ̀lẹ́kítírọ́nì méjì ni ó jáde níhìn-ín, méjì náà ni a sì gbà ní kátóòdù. Kò lè ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀lẹ́kítírọ́nì tí ó kúrò ní ánóòdù ni bátìrì ń gbé yí ká lọ sí kátóòdù. Bátìrì kì í dá ọ̀kan mọ́ ọn, kì í sì í jẹ ọ̀kan níbẹ̀. Nígbà tí iye méjèèjì bá dọ́gba, a lè pa wọ́n rẹ́, kí a sì so ìdọ́gba méjèèjì pọ̀. Na⁺ àti OH⁻ tí kò jáde ni ó kù nínú omi, àwọn ni wọ́n sì ń di sódà tí àwọn aláṣẹ ọṣẹ ń pè ní kọ́sítíìkì:

2NaCl + 2H₂O → 2NaOH + H₂ + Cl₂

Ẹ kà á: sódíọ́mù méjì ní òsì, méjì ní ọ̀tún, kílórínì méjì, méjì, ọ́síjìn méjì, méjì, háídírójìn mẹ́rin ní òsì, méjì nínú sódà pẹ̀lú méjì nínú afẹ́fẹ́ ní ọ̀tún. Gbogbo rẹ̀ pé. Láti inú iyọ̀ àti omi nìkan ni a ti rí ohun tí a fi ń se ọṣẹ, àti kílórínì tí a fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i lè ṣe é ní gbangba ìta, kì í ṣe nínú yàrá. Ẹ gbẹ́ pẹ́ńsù méjì ní orí àti ní ìdí, kí lẹ́ẹ̀dì wọn yọ níbi méjèèjì. Ẹ po ṣíbí iyọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú ife omi kan títí díẹ̀ yóò fi kù ní ìsàlẹ̀ tí kò yòrò mọ́. Ẹ fi omi zóbò tí kò ní ṣúgà díẹ̀ sí i kí ó ní àwọ̀. Bátìrì rédíò kékeré oní-9 fóòtì ti tó; kí ẹnikẹ́ni má ṣe sún mọ́ iná ara ògiri fún iṣẹ́ yìí. Láìpẹ́, lẹ́ẹ̀dì méjèèjì yóò máa hó. Lẹ́bàá kátóòdù, àwọ̀ zóbò yóò yí sí ewé tàbí aró, nítorí sódà ń kóra jọ síbẹ̀. Lẹ́bàá ánóòdù, àwọ̀ náà yóò ṣá, yóò sì funfun, a ó sì gbọ́ òórùn tí ó dàbí ti jíìkì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Kí a má ṣe fi imú sí i. Kílórínì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, a ti lò ó pa àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 1915. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó, kí a sì já bátìrì kúrò.

Bí a bá po ife náà pọ̀, òórùn yóò dínkù, nítorí kílórínì àti sódà tí a ti yà sọ́tọ̀ ti tún pàdé, wọ́n sì ti di jíìkì gan-an:

Cl₂ + 2NaOH → NaCl + NaClO + H₂O

Nísinsìnyí, bí ohun tí ẹ rí kò bá bá ìwé mu ńkọ́? Ìdí méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkínní ni kí ẹnìkan lo ìṣó dípò lẹ́ẹ̀dì. Irin tí a fi ṣe ánóòdù kì í dúró. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa tú, Fe → Fe²⁺ + 2e⁻, nítorí ó rọrùn fún irin láti fi ẹ̀lẹ́kítírọ́nì sílẹ̀ ju fún Cl⁻ lọ. Omi yóò dọ̀tí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ewé yóò rọ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà yóò pọ́n bí ìpẹtà. Bí ẹ bá rí èyí, kì í ṣe iyọ̀ ni ó bàjẹ́. Ọ̀pá ni ẹ kò yàn dáadáa. Ìbéèrè ìwé náà máa ń sọ irú ọ̀pá tí a lò, a kò sì gbọdọ̀ kà á kọjá.

Ìdí kejì ni iyọ̀ tí kò tó. Bí omi iyọ̀ bá fúyẹ́, Cl⁻ kò pọ̀ tó láti borí mọ́, ọ́síjìn ni yóò máa jáde ní ánóòdù. Kò sí àlà kan pàtó láàárín méjèèjì. Ní àárín, afẹ́fẹ́ méjèèjì máa ń jáde pọ̀. Ìwé ìdánrawò ń yẹra fún ìdààmú yìí nípa sísọ pé omi náà “lágbára” tàbí pé ó “fúyẹ́,” ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni ó sì ń pinnu èsì. Fún omi fífúyẹ́, ìdọ́gba ánóòdù ni ó máa ń yọ àwọn ọmọ lẹ́nu jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a rìn ín ní ẹsẹ̀kẹsẹ̀. A mọ̀ pé OH⁻ ń di omi àti ọ́síjìn. OH⁻ méjì yóò fún wa ní H₂O kan, ọ́síjìn ẹyọ kan yóò sì ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn pẹ̀lú kì í dá rìn. Méjì ni ó ń so pọ̀. Nítorí náà a ó sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì: OH⁻ mẹ́rin, omi méjì, O₂ kan. Ẹrù òsì jẹ́ −4, ti ọ̀tún kò sí. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nì mẹ́rin ni a ó fi kún ọ̀tún:

4OH⁻ → O₂ + 2H₂O + 4e⁻

Kátóòdù tí a kọ lẹ́ẹ̀kan gba méjì péré. Nítorí náà a ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì pẹ̀lú, 4H⁺ + 4e⁻ → 2H₂, kí gbèsè má bàa wà. Nígbà tí a bá so wọ́n pọ̀, H⁺ mẹ́rin àti OH⁻ mẹ́rin di omi mẹ́rin, a yọ méjì tí ó wà lápá ọ̀tún kúrò, ó sì ku:

2H₂O → 2H₂ + O₂

Ìdọ́gba kékeré yìí ni ó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ní ìsọ̀ àwọn tí ń ṣáájì bátìrì mọ́tò ní Múṣin, ní àyíká ọjà Ládípọ̀ àti níbòmíràn. Omi inú bátìrì jẹ́ ásíìdì fífúyẹ́, H₂SO₄, tí ó tú sí H⁺ àti SO₄²⁻. Nígbà tí bátìrì bá ń gba iná, àwọn pẹpẹ òjé inú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ iná náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kún, tí a kò sì yọ ọ́ kúrò, iná kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe ju pé kí ó máa tú omi lọ. H⁺ ń di háídírójìn ní apá kan. Ní apá kejì SO₄²⁻ kò ní jáde, nítorí ó ṣòro láti tú ju omi lọ. Omi ni yóò fi ọ́síjìn sílẹ̀. Híhó tí a ń gbọ́ nínú bátìrì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Nínú ìdọ́gba wa, ẹ̀lẹ́kítírọ́nì mẹ́rin ni ó tú omi méjì. Nítorí náà omi kọ̀ọ̀kan gba méjì. Gíráàmù 18 omi ni a ń pè ní móòlù kan, móòlù ẹ̀lẹ́kítírọ́nì kan sì jẹ́ 96,500 kúlọ́ọ̀mù iná. Gíráàmù 18 yóò gba ìlọ́po méjì rẹ̀, èyíinì ni 193,000. Kúlọ́ọ̀mù kan ni ámúpíà kan ń gbé kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀rọ tí ń ṣáájì bá ń tú ámúpíà 5 jáde, a ó fi 5 pín 193,000, yóò fún wa ní 38,600 ìṣẹ́jú àáyá, tí ó jẹ́ wákàtí mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú 43. Bátìrì oní-12 fóòtì ní ihò mẹ́fà, iná kan náà sì ń la gbogbo wọn kọjá. Nítorí náà gíráàmù 108 omi ni yóò ti lọ lálẹ́ ọjọ́ kan tí a gbàgbé bátìrì tí ó ti kún sórí iná. Ìdá márùn-ún omi inú ọ̀rá kan ni. Ẹni tí ó kọ ẹ̀lẹ́kítírọ́nì kan dípò méjì yóò rò pé ìlọ́po méjì rẹ̀ ni ó lọ.

Láti inú omi díẹ̀ yìí, nǹkan bí lítà 144 háídírójìn àti lítà 72 ọ́síjìn ni yóò jáde sínú yàrá náà. Afẹ́fẹ́ inú ilé tí háídírójìn inú rẹ̀ bá ti tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ti lè gbiná. Nítorí náà ìsọ̀ tí a ti ń ṣáájì gbọ́dọ̀ ní fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀; kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣá ìṣáná láti yẹ inú ihò bátìrì wò, kí a sì pa ẹ̀rọ kí a tó ṣí ẹnu àgbámú kúrò lórí bátìrì, nítorí ìparapàrà iná tí ó ń ta nígbà tí a bá já a lójijì ti tó láti fọ́ bátìrì sí ojú ènìyàn pẹ̀lú ásíìdì inú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ìdọ́gba náà sọ tí àwọn oníṣẹ́ kan kò gbà gbọ́. SO₄²⁻ kò jáde. Nítorí náà ásíìdì kò dínkù, omi nìkan ni ó dínkù. Ẹni tí ó bá ń bu ásíìdì sínú bátìrì nígbàkigbà tí ó bá gbẹ ń mú kí ó le sí i títí yóò fi jẹ àwọn pẹpẹ òjé. Omi bátìrì tí a ti sè tí a sì gba ooru rẹ̀ ni kí a bù sí i, kí ó kàn bo àwọn pẹpẹ náà. Kì í ṣe omi kànga, nítorí ọ̀pọ̀ kànga ìlú Èkó tí ó sún mọ́ ọ̀sà ní iyọ̀, a sì ti rí ohun tí Cl⁻ ń ṣe bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ánóòdù. Bí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó fi gíláàsì ìwọ̀n ásíìdì fa díẹ̀ láti inú bátìrì tí ó ti kún: bí ó bá dúró ní nǹkan bí 1.27, ásíìdì rẹ̀ pé. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, ẹnìkan ti bu ásíìdì sí ibi tí omi ìbá tó.